Ta Ló Ń Ṣe É, Ibo Ló sì Dé?

Bí àwọn èèyàn bá fẹ́ jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ tí olórí wọn bá sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń pinnu bóyá pátákó iṣẹ́ wọn yóò wúlò, tàbí wọn yóò pa á tì kí oṣù tó parí. Pátákó tí à ń wí ni irú Trello, tó jáde ní ọdún 2011. Orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ló wà, a sì sábà máa ń pín in sí òpó mẹ́ta: `To Do` fún iṣẹ́ tí a kò tíì fọwọ́ kàn, `Doing` fún èyí tó wà lọ́wọ́, `Done` fún èyí tó ti parí. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀, a ó sì máa tì í láti òpó kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká ní àwọn mẹ́rin kan fẹ́ kó àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan kúrò nínú ìwé, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Olórí wọn dìde, ó ní:

“Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Káàdì kan, ẹnì kan ló ni ín. Trello yóò gbà yín láyè láti kọ orúkọ ẹni mẹ́ta sórí káàdì kan, àmọ́ àwa ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ran ara yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ni a ó bi léèrè, òun nìkan ni yóò sì máa ti káàdì náà.”

Ìdí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí ẹni méjì bá ni, oníkálùkù á rò pé èkejì òun ló ń ṣe é.

Òfin kejì ni kí a fẹnu kò lórí ohun tí à ń pè ní `Done`. Lójú ẹni tó ń tẹ̀wé, iṣẹ́ parí nígbà tó tẹ ìlà ìkẹyìn. Lójú akápò, kò tíì parí àfi bí àròpọ̀ inú kọ̀ǹpútà bá bá ti inú ìwé dọ́gba. Nítorí náà, ìlà kan gbọ́dọ̀ wà lórí káàdì kọ̀ọ̀kan tó sọ bí a ó ṣe mọ̀ pé ó parí. Káàdì kò sì gbọdọ̀ tóbi jù. “Àkọsílẹ̀ ọdún 2023” yóò jókòó sínú `Doing` títí, kò sì sẹ́ni tí yóò mọ ibi tó dé. Bí a bá pín in sí káàdì méjìlá, oṣù kan sí ọ̀kan, a ó rí bó ṣe ń lọ.

Òfin kẹta ló máa ń ṣòro fún èèyàn láti gbà: ẹnì kan, káàdì kan ṣoṣo nínú `Doing`. Ìṣirò tí John Little fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1961 ló ṣàlàyé rẹ̀. Bí àwọn mẹ́rin yìí bá ń parí káàdì mẹ́rin lọ́sẹ̀, tí méjìlá sì wà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, káàdì kọ̀ọ̀kan yóò lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó parí. Bó bá jẹ́ mẹ́rin péré ló wà lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ kan ni. Agbára wọn kò pọ̀ sí i. Iṣẹ́ ni kò dúró de iṣẹ́ mọ́.

Òfin kẹrin ni àkókò. Olórí náà tún ní:

“Ẹ ti káàdì yín ní wéré tí nǹkan bá yí padà, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé. Bí iṣẹ́ bá há, ẹ fi àmì pupa sí i, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ń dúró dè, ọwọ́ ẹni tó wà, àti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀.”

Fún àpẹẹrẹ: “Ojú ewé oṣù kẹfà ti ya. Mo ń retí ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ akápò láti ọjọ́ Ajé.” Ẹni tó bá ka èyí mọ ẹni tó yẹ kó pè. “Ó há” nìkan kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Káàdì náà kò ní padà sí `To Do` o. Inú `Doing` ni yóò wà, kí ó lè máa ká gbogbo wọn lára títí wọn yóò fi tú u.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé òfin ti ń bàjẹ́? Trello ń tọ́jú ọjọ́ àti wákàtí tí a ti káàdì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ni gbogbo wọn ń rìn, a jẹ́ pé nítorí ojú olórí ni wọ́n ṣe ń tì wọ́n. Ìbẹ̀rù ló sábà máa ń fà á. Bí olórí bá fi àmì pupa bú ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan péré, àmì náà kò ní hàn lórí pátákó mọ́, iṣẹ́ yóò sì máa há láìsí ẹni tó gbọ́. Ìlérí tó yẹ kí olórí fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn: ẹni tó bá tètè sọ pé iṣẹ́ há, ìrànlọ́wọ́ ni yóò rí gbà, kì í ṣe èébú.