Bílẹ́ńdà Tó Ń Rùn, Tó sì Ń Dákẹ́ Lójijì

Bí bílẹ́ńdà bá ń lọ ẹ̀wà àkàrà lọ́wọ́, tí òórùn jíjó ń jáde nísàlẹ̀ rẹ̀, tó sì dákẹ́ lójijì, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé mọ́tọ̀ rẹ̀ ti jóná. Nígbà púpọ̀, kò tíì jóná. Ohun ààbò kékeré kan tó wà lára rẹ̀ ló gé iná kúrò kí ó má baà jóná, ohun tó sì fa ìnira náà lè jẹ́ ti jọ́ọ̀gì, kí ó má jẹ́ ti mọ́tọ̀ rárá.

Bílẹ́ńdà tí wọ́n kọ wáàtì 350 sí lára kì í fa ju bí ámpíà kan àbọ̀ lọ tí ó bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Yíyí mọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń dènà iná kí ó má wọ kọ́ìlì jù. Tí ẹ̀wà bá ki, tí omi rẹ̀ kò tó, abẹ á máa fà, ìdènà yẹn á dínkù, iná á sì ya wọlé. Bí iná náà bá di ìlọ́po méjì, ooru inú wáyà á di ìlọ́po mẹ́rin. Èyí tó tún burú ni pé orí ọ̀pá mọ́tọ̀ gan-an ni fáànù tó ń fẹ́ ẹ wà: bí mọ́tọ̀ bá ti ń rọra yí, atẹ́gùn tó yẹ kó tù ú lára ń dínkù pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí iná ilé bá lọ sílẹ̀. Òórùn tó ń jáde ni ti fánííṣì tí wọ́n fi bo wáyà kọ́ìlì. (Bílẹ́ńdà tuntun lè rùn díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá lò ó, ìyẹn kò léwu bí kò bá sí èéfín.)

Ohun ààbò tó ń gé iná kò rí bákan náà nínú gbogbo bílẹ́ńdà. Àwọn kan ní bọ́tìnì kékeré nísàlẹ̀, tí a ó tẹ̀ padà lẹ́yìn tí mọ́tọ̀ bá ti tutù. Òmíràn á dá ṣí fúnra rẹ̀ tó bá tutù, ó sì lè gba ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí irú èyí ni a fi gbọ́dọ̀ yọ bílẹ́ńdà kúrò lára iná kí ọwọ́ tó kan abẹ, torí ó lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Irú kẹta jẹ́ fíúsì tó ń já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òmíràn ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbà kí aṣàtúnṣe so wáyà pọ̀ tààrà láti fo ohun ààbò yìí. Bílẹ́ńdà náà á ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní sí ohun tí yóò dá a dúró mọ́ kí kọ́ìlì tó jóná.

Láti mọ ibi tí àìsàn wà, kí a yọ ọ́ kúrò lára iná, kí a gbé jọ́ọ̀gì sọ̀kalẹ̀, kí a da ohun inú rẹ̀ nù, kí a sì fi ìka yí ohun eléyín tó wà ní ìdí rẹ̀. Ó yẹ kó yí wẹ́rẹ́. Tí ó bá le, inú jọ́ọ̀gì ni ìṣòro wà. Kí a tún yí ti orí mọ́tọ̀ bákan náà. Bí òun náà bá yí wẹ́rẹ́, tí mọ́tọ̀ sì ń dún geere nígbà tí a tan án fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì láìgbé jọ́ọ̀gì lé e, a jẹ́ pé ẹ̀wà tó ki ló fa ìdákẹ́ náà. Kí a fi omi kún un, kí a sì máa lọ díẹ̀díẹ̀, kí ó máa sinmi láàárín.

Rọ́bà eléyín tí mọ́tọ̀ fi ń gbé abẹ yí ní àmì tirẹ̀ tó bá ti jẹ. Mọ́tọ̀ á máa han, á yára, ṣùgbọ́n abẹ kò ní yí tàbí á máa ta kúrò. Òórùn rẹ̀ dà bí ti rọ́bà tó jó, lẹ́búlẹ́bú dúdú á sì wà yí ká ibẹ̀. Kò wọ́n láti pààrọ̀. Èyí tó jẹ́ pé yíyí ni wọ́n fi ń tú u, ìhà tí mọ́tọ̀ ń yí sí gan-an ni a ó yí i sí kó tó tú, kí a sì di ọ̀pá mú kó má yí tẹ̀lé e. Ẹni tó bá fi agbára yí i sí òdìkejì, ńṣe ló ń fún un pọ̀ sí i.

Jọ́ọ̀gì tó ń jò ló yẹ kí a kánjú sí jù. Kí a bu omi dé ìdajì rẹ̀, kí a gbé e lé ìwé ìròyìn gbígbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí etí ìdí rẹ̀ ló bá tutù, wọ́ṣà rọ́bà ló ti le tàbí ló wọ́; wọ́ṣà tuntun ti tó. Bí omi bá ń gba àárín, lára ọ̀pá abẹ, rọ́bà inú búùṣì ló ti jẹ. Odindi abẹ pẹ̀lú búùṣì rẹ̀ ni wọ́n máa ń pààrọ̀. Omi ata àti iyọ̀ tó ń kán síbẹ̀ á mú ọ̀pá náà dípẹtà, á le láti yí, mọ́tọ̀ á sì máa gbóná lórí ohun tó ń lọ̀ tẹ́lẹ̀ láìṣòro. Tí omi yẹn bá wá ráyè wọnú mọ́tọ̀, tó ba búùṣì tirẹ̀ àti kọ́ìlì jẹ́, owó àtúnṣe kì í sábà jìnnà sí owó bílẹ́ńdà tuntun.