Àpapọ̀ ń gòkè, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń jó àjórẹ̀yìn: bí àbọ̀ ìpolówó ṣe lè ṣi oníṣòwò Balógun lọ́nà

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá èèyàn polówó ọjà lórí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, ẹ mọ ìbéèrè tí àwọn Àlàájà ọjà Balógun máa ń bi yín tóṣù bá ti parí: "Owó tí mo kó sílẹ̀ yẹn, ṣé ó ń mú èèyàn wá?" Òǹkà kan ṣoṣo la sábà máa fi ń dáhùn: nínú gbogbo àwọn tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wa, ẹni mélòó ló rajà? Tí òǹkà yẹn bá ti ju ti oṣù tó kọjá lọ, inú gbogbo wa á dùn, Àlàájà á sì tún kó owó sílẹ̀.

Àmọ́ òǹkà yẹn lè gòkè nígbà tí ìpolówó náà ń burú sí i lọ́dọ̀ gbogbo irú oníbàárà tí ẹ ní. Kò sẹ́ni tó parọ́, kò sẹ́ni tó ṣi ìṣirò ṣe. Irú àwọn èèyàn tó wà nínú àkójọ náà ló yí padà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀

Àpẹẹrẹ lásán lèyí o. Ká sọ pé Àlàájà kan ń ta léèsì ní Balógun. Oríṣi oníbàárà méjì ló ní. Àwọn àkọ́kọ́ ni oníbàárà àtijọ́: àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó àti àyíká ẹ̀ tí wọ́n ti rajà lọ́wọ́ ẹ̀ rí, tí wọ́n mọ ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n mọ̀ pé ojúlówó ló ń tà. Àwọn kejì ni oníbàárà tuntun: ẹni tó wà ní Ajá tàbí Ìkòròdú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ìpolówó náà lórí fóònù, tó sì kọ̀wé pé "ẹ jọ̀ọ́, èló ni?"

Lóṣù kìíní, 1,000 èèyàn fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. 200 jẹ́ oníbàárà àtijọ́, 60 nínú wọn rà. Ìyẹn jẹ́ 30 nínú 100. Àwọn 800 tó kù jẹ́ tuntun, 40 nínú wọn rà. Ìyẹn jẹ́ 5 nínú 100. Lápapọ̀, 100 èèyàn ló rà nínú 1,000: 10 nínú 100.

Lóṣù kejì, wọ́n yí àwòrán ìpolówó padà. 1,000 èèyàn náà ló tún fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, 600 jẹ́ oníbàárà àtijọ́, 144 nínú wọn sì rà: 24 nínú 100. Àwọn 400 tó kù jẹ́ tuntun, 16 ló rà: 4 nínú 100. Lápapọ̀, 160 èèyàn ló rà: 16 nínú 100.

Ẹ wò ó dáadáa. Oníbàárà àtijọ́ já láti 30 sí 24. Oníbàárà tuntun já láti 5 sí 4. Kò sí ẹ̀ka kankan tó gòkè. Síbẹ̀, àpapọ̀ fò láti 10 sí 16! Ẹni tó ṣe àwòrán tuntun á gba oríyìn, bẹ́ẹ̀ gbogbo èèyàn tó rí àwòrán yẹn ló fà sẹ́yìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le rárá. Ká ní ọmọdé àti àgbà wà nínú yàrá kan, tí ẹ wá ní kí àwọn ọmọdé bọ́ síta. Tí ẹ bá tún wọn ìga àwọn tó kù, tí ẹ pín in dọ́gba, ó máa ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣé ẹnì kankan ga sí i ni? Rárá o. Bákan náà, oníbàárà àtijọ́ máa ń rà ju tuntun lọ nígbàkigbà. Nígbà tí wọ́n kúrò ní 200 tí wọ́n di 600, àwọn nìkan ló fa àpapọ̀ gòkè, kì í ṣe àwòrán.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, pẹ̀lú owó gidi

Onímọ̀ ìṣirò kan ní Amẹ́ríkà, Clifford Wagner, kọ nípa irú ẹ̀ lọ́dún 1982. Ìwé ìròyìn American History Illustrated ló fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn tó ń gba ìwé náà máa ń sanwó fún ìgbà kan. Tí àsìkò wọn bá pé, wọ́n á pinnu bóyá wọ́n máa san òmíràn. Lóṣù kìíní ọdún 1979, 51.2 nínú 100 ló tún san. Lóṣù kejì, ó di 64.1. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á ní àwọn òǹkàwé ti fẹ́ràn ìwé náà sí i.

Àmọ́ ọ̀nà márùn-ún ni àwọn òǹkàwé gbà wọlé, wọ́n sì fà sẹ́yìn nínú gbogbo márààrún. Àwọn tí ẹlòmíràn fi ìwé náà ta lọ́rẹ já láti 81.2 sí 79.6. Àwọn tó ti tún owó san rí já láti 78.9 sí 76. Àwọn tí wọ́n kọ lẹ́tà sí tààrà já láti 59.7 sí 51. Àwọn tí ilé iṣẹ́ alágbàtà mú wá já láti 20.8 sí 14.1. Àwọn tó gba ọwọ́ aṣojú wọlé ò pọ̀, àwọn náà já láti 8.7 sí 4.4.

Àwọn tí alágbàtà mú wá ni àlàyé ọ̀rọ̀ náà. Wọn kì í sábà tún owó san. Lóṣù kìíní, 20,862 ni wọ́n nínú 45,955 èèyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Lóṣù kejì, 864 péré ni wọ́n nínú 9,157. Àwọn tí ò ní san ti dín kù nínú àkójọ, ló bá dà bí ẹni pé gbogbo nǹkan ti dára. Tí a bá fi irú èèyàn tó wà lóṣù kìíní ṣírò ìwọ̀n oṣù kejì, bíi 46 nínú 100 la máa rí, kì í ṣe 64.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pe irú nǹkan báyìí ní ìtakora Simpson, nítorí àpilẹ̀kọ tí Edward Simpson ṣe lọ́dún 1951.

Bí ẹ ṣe máa tú u palẹ̀

Ọgbọ́n tí a fi ṣe ti ìwé ìròyìn yẹn náà la máa fi ṣe ti Àlàájà. Ẹ mú iye èèyàn oṣù kìíní, 200 àti 800. Ẹ wá fi ìwọ̀n oṣù kejì sí i, 24 àti 4 nínú 100. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ báyìí nínú Google Sheets:

```
=(200*24%+800*4%)/1000
```

Ohun tó máa jáde ni 0.08, ìyẹn 8 nínú 100. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé, ká ní irú èèyàn tó wá ò yí padà, àpapọ̀ ì bá já láti 10 sí 8. Nítorí náà, nínú 6 tí àpapọ̀ fi gòkè, ìyípadà irú èèyàn fi 8 kún un, ìpolówó fúnra rẹ̀ sì yọ 2 kúrò. Àlàyé tó yẹ kí Àlàájà gbọ́ nìyẹn.

Kí ẹ tó lè ṣe é, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jẹ́ tuntun àti ẹni tó jẹ́ àtijọ́. WhatsApp Business ní ibi tí wọ́n ń pè ní Labels, ẹ lè fi àmì sára oníbàárà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ pinnu ẹ̀ka tí èèyàn wà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, kí ẹ má sì yí i padà títí oṣù á fi parí. Tí ẹni tuntun bá rà lọ́jọ́ kẹta, tí ẹ sọ ọ́ di àtijọ́ lójú ẹsẹ̀, tó tún wá rà lógúnjọ́, ẹ ti da ẹ̀ka méjèèjì pọ̀ nìyẹn. Tó bá jẹ́ ọjọ́ orí tàbí orílẹ̀-èdè lẹ fẹ́ fi pín wọn, Breakdown tó wà nínú Ads Manager máa ṣe é fún yín.

Ẹ má retí pé ẹ máa gba ìkìlọ̀ kankan. Ẹ ò tiẹ̀ ní láti fọwọ́ kan nǹkan kan kí irú èèyàn tó yí padà. Tí ẹ bá ní kí ìpolówó máa wá ẹni tó máa rajà, ẹ̀rọ á máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó dà bíi pé ó máa rà, ta ló sì jọ bẹ́ẹ̀ ju ẹni tó ti rà rí lọ? Tí ayẹyẹ bá tún ń sún mọ́lé, àwọn tó ń wá aṣọ ẹbí á kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n mọ̀.

Ṣé irọ́ wá ni àpapọ̀ ń pa ni?

Rárá. 160 tó rajà, 160 ni wọ́n lóòótọ́, owó wọn sì ti wọlé. Tó bá jẹ́ iye ọjà tó tà ni Àlàájà ń béèrè, àpapọ̀ ni ìdáhùn. Tó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ darí owó sọ́dọ̀ oníbàárà àtijọ́, iṣẹ́ yín jẹ́ nìyẹn. Àmọ́ tó bá ń béèrè bóyá àwòrán tuntun dára ju ti tẹ́lẹ̀, inú ẹ̀ka ni ìdáhùn wà.

Ẹ má gbàgbé pé òǹkà kékeré náà lè tan èèyàn. Nínú 400 oníbàárà tuntun, ká ní ẹni mẹ́rin péré tún rà, wọn ì bá di 20, ìwọ̀n wọn ì bá sì padà sí 5 nínú 100. Kò yẹ kí ẹ tìtorí èèyàn mẹ́rin pariwo. Ti oníbàárà àtijọ́ yàtọ̀: ó gbọ́dọ̀ tó 36 èèyàn tó tún rà kí wọ́n tó padà sí 30. Èyí ló ṣeé ṣe jù pé ó já lóòótọ́, àmọ́ a ò tíì lè fọwọ́ sọ̀yà. Ti àwọn tuntun, ẹ dúró wo oṣù kan sí i.

Ibi tó yẹ kí Àlàájà ti fara balẹ̀ ni pé ẹni tuntun 40 ló rajà lóṣù kìíní, 16 péré ló rà lóṣù kejì. Àwọn yẹn ló máa di oníbàárà àtijọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Nínú 144 tó sì rà, a ò lè sọ iye tó jẹ́ pé wọ́n máa wá sí ṣọ́ọ̀bù láìsí ìpolówó kankan. Tí Àlàájà bá tìtorí 16 nínú 100 lọ kó léèsì rẹpẹtẹ, tí oníbàárà àtijọ́ bá ti ra tiwọn tán, ta ló máa ra èyí tó kù?

Nítorí náà, kí ẹ tó fi àbọ̀ oṣù yìí ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wo iye èèyàn tó wà nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lóṣù tó kọjá àti lóṣù yìí. Tí iye yẹn bá ti yí padà gan-an, ẹ má tíì gbé òǹkà àpapọ̀ síwájú ẹnikẹ́ni.