Káàdì Òfìfo: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ni ní “Lọ” Tó Ti Kọjá

Ká ní ọmọ ọdún 9 kan ní Pẹ́kámù, ní Lọ́ńdọ̀nù, pe ìyá àgbà rẹ̀ ní Abẹ́òkúta láàárọ̀. “Ẹ káàárọ̀ mà. Mo lọ sí ilé ìwé.” Ìyá àgbà ní, “Ó dáa. Kí ni wọ́n kọ́ ẹ?” Ọmọ náà ò mọ èsì tí yóò fọ̀, nítorí inú bọ́ọ̀sì ló ṣì wà. “Mo ń lọ” ló fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ń kékeré yẹn já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ìrìn tí kò tíì parí sì di ohun tó ti kọjá.

Nítorí irú àṣìṣe báyìí ni olùkọ́ kíláàsì alẹ́ fi lè ya odindi wákàtí kan àbọ̀ sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, lọ. Àwọn tó jókòó síwájú rẹ̀ kò dọ́gba: ọmọ tó gbọ́ Yorùbá àmọ́ tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹni 40 ọdún tí àwọn òbí rẹ̀ kò bá sọ èdè náà ní kékeré, àti bàbá ẹni ọdún 68 kan, ará Jàmáíkà, tó fẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú.

Ìṣòro gbogbo wọn kan náà ni. Etí wọn ń retí pé kí ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ yí padà bó ṣe ń yí padà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Lọ kì í sì í yí padà. Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi gé páálí sí wẹ́wẹ́: mo lórí ọ̀kan, lọ lórí ìkejì, sí ọjà lórí ìkẹta. Ó fi àyè sílẹ̀ láàárín mo àti lọ, ó sì kó káàdì mẹ́ta sílẹ̀ fún àyè náà: ń, ti, àti káàdì kan tí kò kọ ohunkóhun sí.

Káàdì òfìfo yẹn ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà.

Olùkọ́ á sọ pé, “Lánàá, mo lọ sí ọjà.” Ẹnì kan á sáré mú ti, torí ó dà bíi pé nǹkan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Kí olùkọ́ má tíì dá a lẹ́bi. Ìtàn ni kó fi yanjú rẹ̀. Àlejò kanlẹ̀kùn: “Ṣé Bọ́lá wà?” Èsì rẹ̀ ni “Ó ti lọ,” ìyẹn ni pé kò sí nílé báyìí. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi Bọ́lá fúnra rẹ̀ níbi tó jókòó sí pé kí ló ṣe lánàá, “Mo lọ sí ìgbéyàwó” ló máa sọ. Ó lọ, ó sì ti dé. Wọ́n á tún rí i pé ń kì í ṣe ti ìsinsìnyí nìkan, nítorí a máa ń sọ pé “Nígbà tí mo ń lọ sí ọjà lánàá, òjò bẹ̀rẹ̀.” Abájọ tí àwọn onímọ̀ èdè fi ń jiyàn bóyá Yorùbá tiẹ̀ ní àsìkò nínú gírámà rẹ̀. Kíláàsì kò nílò àríyànjiyàn yẹn. Ó tó kí wọ́n mọ̀ pé lánàá ló ń sọ ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ọjọ́ orí ti wúlò ló kàn, mi ò sì rò pé kíláàsì ẹlẹ́gbẹ́ lè ṣe apá yìí dáadáa. Olùkọ́ á so ọmọdé mọ́ àgbà ní méjìméjì. Bàbá á béèrè pé, “Ibo lo lọ lánàá?” Ọmọ náà ò gbọdọ̀ dá ìbéèrè yẹn padà bó ṣe gbọ́ ọ, “Ibo lẹ lọ lánàá, sà?” ni tirẹ̀. Tó bá wá ń ròyìn fún kíláàsì, á ní, “Wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn.” Ẹnì kan á sì béèrè pé àwọn mélòó ló lọ. Ẹ̀rín á sọ, àmọ́ ìbéèrè gidi ni: wọ́n ọ̀wọ̀ àti wọ́n ọ̀pọ̀ kò yàtọ̀ létí.

Ogún ìṣẹ́jú ìgbẹ̀yìn jẹ́ ti “rárá.” Mo lọ á di mi ò lọ, tàbí n kò lọ nínú ìwé. Ó lọ á di kò lọ. Níhìn-ín ni àwọn àgbà ti sábà máa ń kọsẹ̀ tí wọ́n á ní “ó kò lọ,” nítorí wọ́n ń fi kò kún gbólóhùn tí wọ́n ti mọ̀, láìyọ ó kúrò. Páálí tún ràn wọ́n lọ́wọ́: bí kò bá ṣe ń wọlé, olùkọ́ á fọwọ́ ara rẹ̀ mú ó kúrò lórí tábìlì.

Ẹnì kan lè béèrè bóyá káàdì òfìfo máa ń sọ ohun tó ti kọjá fún gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe. Rárá o. “Mo mọ̀ ọ́n” àti “Mo fẹ́ iṣu” ń sọ ti ìsinsìnyí. Olùkọ́ tó bá fi ìyẹn kún ti alẹ́ yìí á da ohun tó ti kọ́ wọn rú. Ẹ̀gbẹ́ ìwé ló máa kọ mọ̀ àti fẹ́ sí, fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, á sì ní kí ọmọ ọdún 9 náà tún pe Abẹ́òkúta.