Nígbà Tí Oorun Bá Ń Jí Agbára Ọkùnrin Gbé

Àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Ṣikágò fi oorun ọ̀dọ́kùnrin 10 tí ara wọn le mọ sí wákàtí 5 fún òru 8. Nínú àbájáde ọdún 2011, tẹsitosítẹ́róònù, èròjà tó ń ru ìfẹ́ ìbálòpọ̀ sókè, ti fi ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù lọ́sàn-án.

Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ń dí lójú oorun lè má mọ̀ rárá. Á máa hanrun, èémí á dá fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, á sì ta jí. Bó bá pẹ́, ó lè ba iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń mú nǹkan ọmọkùnrin le jẹ́.

Ìyàwó ló sábà máa ń gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kó bá yín lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn símú lóru ń la ọ̀fun náà, bí kì í tilẹ̀ ṣe gbogbo ẹni tó lò ó ni agbára rẹ̀ ń padà.