Aràn tó ń wọ aṣọ onílé: bí àtọ̀sí ajá ṣe ń pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀

Àwọn òbí tó ń gbé nítòsí dáàmù Ọ̀yán ní Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ àmì àìsàn yìí dáadáa. Ọmọ á máa tọ̀, ìtọ̀ náà á mọ́ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ tó bá kù díẹ̀ kó dá, ẹ̀jẹ̀ á bá a jáde. Àtọ̀sí ajá ni. Láti 1983 tí wọ́n ti ṣí dáàmù náà ni odò tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ ti di adágún, irú omi bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìgbín kéékèèké inú odò sì fẹ́ràn. Inú ìgbín yìí ni ọmọ aràn Ṣísítósómà ti ń pọ̀ sí i kó tó jáde sínú omi láti wá ènìyàn.

Bí aràn yìí ṣe ń pẹ́ nínú ara ló yani lẹ́nu jù. Akọ á gbá abo mọ́ra, àwọn méjèèjì á lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká, wọ́n á sì máa gbé ibẹ̀ fún ọdún 3 sí 10. A ti rí àwọn tó lò ju ọdún 30 lọ nínú ẹni tó ti kúrò ní ilẹ̀ tí àrùn náà wà. Akọ gùn tó sẹ̀ǹtímítà kan, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ara lè fojú fò. Inú ẹ̀jẹ̀ ló sì wà, níbi tí àwọn ọmọ ogun ara ti ń kọjá tọ̀sán-tòru. Kí ló dé tí wọn kò fi pa á?

Ibi awọ ni ọgbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ aràn bá kan ẹni tó ń wẹ̀ tàbí tó ń fọṣọ lódò, ó máa ń tu oje kan tó ń rọ awọ, yóò sì wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ìrù rẹ̀ á já sẹ́yìn. Ìbòrí tó gbé ti inú omi wá, èyí tí ara ìbá fi tètè dá a mọ̀, ó bọ́ ìyẹn náà dànù. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti fi ọ̀rá ṣe ìbòrí tuntun onípele méjì, bẹ́ẹ̀ ìpele kan ṣoṣo ni sẹ́ẹ̀lì tiwa ní. Ìbòrí yìí kì í dúró lójú kan: ti òkè ń ṣí lọ díẹ̀díẹ̀, òmíràn ń yọ lábẹ́ rẹ̀, àńtíbọ́dì tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á sì bá a ṣí lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni aràn wá ń yá aṣọ onílé wọ̀. Ó ń gba èròjà inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó wọ̀ mọ́ra, títí kan àmì tí a fi ń mọ ẹ̀jẹ̀ oríṣi A yàtọ̀ sí oríṣi B.

Ní 1969, Smithers, Terry àti Hockley, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìdánwò kan jáde tó fi èyí hàn kedere. Ìbátan aràn yìí tó ń gbé nítòsí ìfun ni wọ́n lò. Wọ́n tọ́ ọ dàgbà nínú eku, wọ́n wá ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀bọ láti gbé e sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀bọ lásán, aràn náà dá ẹyin yíyé dúró fúngbà díẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àwọn ọ̀bọ kan wà tí wọ́n ti kọ́kọ́ fún ní abẹ́rẹ́ ẹ̀jẹ̀ eku, kí ara wọn lè máa bá ohunkóhun tó bá jọ eku jà. Nínú àwọn wọ̀nyí, aràn tó ti ọ̀dọ̀ eku wá kú. Èyí tó dàgbà nínú ọ̀bọ ẹlẹgbẹ́ wọn kò kú. Aṣọ eku tó ṣì wà lọ́rùn àwọn ti àkọ́kọ́ nígbà tí wọ́n dé ló kó bá wọn. Lójú tèmi, ìdánwò díẹ̀ ló mọ́ tó báyìí nínú gbogbo ìmọ̀ nípa aràn.

Ṣùgbọ́n ẹyin kò ní aṣọ kankan tó yá. Ó gbọ́dọ̀ ti inú iṣan ẹ̀jẹ̀ gba inú ẹran ara dé inú àpò ìtọ̀, gbogbo ọ̀nà ló sì ń tú oje jáde. Kí ara má bàa dojú ogun kíkan kọ ọ́, aràn ní láti yí irú ogun náà padà.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni àwọn sẹ́ẹ̀lì T wa ń gbà darí ìjà. Ẹgbẹ́ kìíní ń dojú kọ kòkòrò tó sá pamọ́ sínú sẹ́ẹ̀lì, irú ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ogun wọn gbóná, ó sì máa ń ba ẹran ara tó wà nítòsí jẹ́. Ẹgbẹ́ kejì wà fún ọ̀tá tó tóbi ju ohun tí sẹ́ẹ̀lì kan lè gbé mì: wọ́n ń ko àńtíbọ́dì ẹ̀yà E jọ, wọ́n sì ń mọ ògiri sẹ́ẹ̀lì yí ọ̀tá náà ká. Nínú eku tó ní aràn ti ìfun, ẹgbẹ́ kìíní ló ń ṣáájú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ 5 sí 6, tí ẹyin bá ti ń jáde, ẹgbẹ́ kejì á gba ipò. Prótéènì kan tó ń ti ara ẹyin jáde, tí wọ́n ń pè ní ómégà-1, wà lára ohun tó fà á. Ó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn ọ̀tá lọ bá sẹ́ẹ̀lì T, ó sì ń gé ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì náà ń tẹ̀ lé láti ṣe prótéènì sí wẹ́wẹ́. Sẹ́ẹ̀lì náà kò kú, àmọ́ ìròyìn tó bá dé kò gbóná mọ́, ẹgbẹ́ kejì ni sẹ́ẹ̀lì T á sì yàn.

Àwa náà ń jàǹfààní níbẹ̀, kí a má purọ́. Eku tí kò lè ja ogun ẹgbẹ́ kejì máa ń tètè kú, torí ògiri yẹn ni kì í jẹ́ kí oró ẹyin ba ẹran ara jẹ́. Ẹyin pàápàá nílò ògiri náà: nínú eku tí ọmọ ogun ara rẹ̀ kò lágbára, ẹyin tó ń bá ìgbẹ́ jáde kéré gan-an. Sẹ́ẹ̀lì tó yí i ká láti há a mọ́ ló ń bá a la ọ̀nà jáde.

Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àwọn mìíràn á tún dá sí ọ̀rọ̀ náà: sẹ́ẹ̀lì T onílàjà, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti ní kí ìjà rọ̀. Wọ́n ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní íńtálúkìnì-10 jáde, ìjà ẹgbẹ́ méjèèjì á sì rẹlẹ̀. Àbájáde rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ aràn lọ. Ní agbègbè Lambaréné ní orílẹ̀-èdè Gàbọ́ọ̀nù, àwọn olùwádìí kan fi èròjà kòkòrò tín-ń-tín inú eruku ilé kan awọ àwọn ọmọ iléèwé tó lé ní 500, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2000. Awọ àwọn tó ní àtọ̀sí ajá kì í sábà wú bí ti àwọn tí kò ní in, íńtálúkìnì-10 sì pọ̀ jù lára wọn. Nígbà tí wọ́n wá ń fún àwọn ọmọ ní òògùn aràn léraléra, awọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú sí eruku. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ wẹ̀ nínú adágún o. Ẹyin tí kò rí ọ̀nà jáde ń sọ ògiri àpò ìtọ̀ di àpá líle, ó sì lè yọrí sí jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Òògùn tí a ń lò, pírásíkúáńtẹ́ẹ̀lì, ọ̀rọ̀ aṣọ yìí náà ló bá pàdé. Mílígíráàmù 40 ni fún kílò kan, nítorí náà ọmọ tó wọn kílò 30 á gbé hóró méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 600 mì. Òògùn náà ń ká iṣan aràn kò, ó sì ń fa ìbòrí rẹ̀ ya. Ohun tó ti ń fi pamọ́ fún ọdún pípẹ́ á hàn síta, àńtíbọ́dì á sì bò ó. Nínú eku tí kò lè ṣe àńtíbọ́dì, òògùn yìí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa.

Aràn tí kò tíì pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nínú ara kì í sábà kú sí òògùn náà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó lò ó lónìí fi lè tún máa tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì láìtún tẹ ẹsẹ̀ bọ odò, tí wọ́n á sì ní kó tún un lò. Láti mọ̀ bó bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n á gba ìtọ̀ láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, nígbà tí ẹyin ń jáde jù, wọ́n á sẹ́ mìlílítà 10 nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi awò asọhun-kékeré-di-ńlá wá ẹyin gígùn tó ní ẹ̀gún ṣóńṣó kan ní ìdí.