Omi Fítámìn C Tí A Ń Fi Sójú

Ní ọjà ní Kútọnu, wọ́n ń ta omi kan nínú ìgò kékeré, wọ́n ń pè é ní sérọ̀mù. A máa ń kán an sójú kí àpá ìrorẹ́ lè rẹ̀. Fítámìn C, èyí tí ó wà nínú ọsàn, ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú púpọ̀ wọn. Orúkọ rẹ̀ ni ásíìdì askọ́bíìkì.

Tí a bá bẹ iṣu sílẹ̀ tí a kò fi í sómi, funfun rẹ̀ á di pípọ́n, nítorí pé afẹ́fẹ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ máa ń ba fítámìn C náà jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ àti ooru ń mú kí ó yára bàjẹ́.

Ìdí nìyí tí a fi ń fi í sínú ìgò tí ó dúdú. Ìgò bẹ́ẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n kò lè dí ooru. Bí ó bá wà lórí àtẹ nínú oòrùn láti àárọ̀ di alẹ́, á bàjẹ́ nínú òkùnkùn ìgò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ náà ń wọlé ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ìdérí.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ó ti bàjẹ́? Ẹ jẹ́ kí a sọ pé obìnrin kan ra ìgò kan. Lọ́jọ́ tí ó ṣí i, ó kán ẹ̀kán kan sórí àwo funfun ní ìta, lójú ọ̀sán. Ó mọ́ gaara bí omi òjò. Ó kọ ọjọ́ náà sára ìgò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó tún kán an: ó ti pọ́n díẹ̀ bí koríko gbígbẹ. Agbára rẹ̀ ti ń dín kù, kí ó yára lò ó tán. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó dà bí tíì. Kí ó dà á nù! Kò wúlò mọ́, ó sì lè ta ojú tàbí kí ó mú un pọ́n. Àwọn kan ní àwọ̀ díẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Nítorí náà, àyípadà láti ọjọ́ kìíní ni kí ẹ máa wò. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti dà bí tíì lọ́jà, ẹ má rà á.

Omi yìí gbọ́dọ̀ kan gan-an kí ó tó lè wọ awọ ara. Dókítà Pínẹ́ẹ̀lì ní Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn lára awọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ọdún 2001. Kíkan náà ni ó máa ń ta àwọn kan lójú. Fún irú wọn, a ní àwọn ọmọ ìyá fítámìn C tí kì í kan tó bẹ́ẹ̀, tí kì í sì í tètè bàjẹ́. Ẹ wo ara ìgò: bí ọ̀rọ̀ askọ́bíìkì bá parí sí lẹ́tà C, ásíìdì fúnra rẹ̀ ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá parí sí L, ọ̀kan nínú àwọn tí kò le ni. Ara ni yóò kọ́kọ́ yí i padà sí fítámìn C, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ń yí. Nínú ìdánwò ọdún 2001 náà, méjì nínú wọn kò fi fítámìn C kún awọ rárá. Ẹni tí ásíìdì kò bá ta, èmi ò rí ìdí tí yóò fi san owó púpọ̀ lórí wọn.