Owó Òtẹ́ẹ̀lì Tó Ti Kọjá Ọjọ́: Bí A Ṣe Ń Kọ Lẹ́tà Sin Gbèsè fún Ilé-iṣẹ́

Láyé àtijọ́, bí gbèsè bá pẹ́ lọ́rùn ẹnìkan, olówó lè rán ológò sí i. Ológò á wọlé onígbèsè, á jókòó tì í, á máa pariwo, á máa bèèrè oúnjẹ, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí owó yóò fi jáde. Sámúẹ́lì Jọ́nsìn mẹ́nu ba iṣẹ́ wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Akáǹtì òtẹ́ẹ̀lì ní Ìkẹjà lónìí kò lè dógò ti ilé-iṣẹ́ tó jẹ ẹ́ lówó, nítorí ilé-iṣẹ́ yẹn náà ni yóò tún kó àlejò mẹ́jọ wá lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́tà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti fóònù tó ń tẹ̀lé lẹ́tà. Bí ó bá bínú jù nínú rẹ̀, ó lè pàdánù oníbàárà. Bí ó bá sì bẹ̀bẹ̀ jù, wọn á ti ìwé rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwọn yòókù.

Àlejò tó bá dá wá fúnra rẹ̀ máa ń sanwó kó tó gba kọ́kọ́rọ́. Ti ilé-iṣẹ́ tó ní àdéhùn àwìn yàtọ̀. Òṣìṣẹ́ wọn á sùn, á jẹun, á buwọ́ lu ìwé, á sì máa lọ. Òtẹ́ẹ̀lì á wá kọ ìwé owó ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́, wọ́n á sì san án láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, bí àdéhùn bá ṣe sọ. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ ni pé ẹni tó sùn, ẹni tó bá òtẹ́ẹ̀lì ṣàdéhùn, ẹni tó ń yẹ ìwé wò àti ẹni tó ń fọwọ́ sí owó kì í ṣe ẹnì kan náà. Ìwé lè sùn sórí tábìlì ọ̀kan nínú wọn fún oṣù kan gbáko, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète láti jẹ owó mọ́ yín lára.

Ojú mi ti rí i. Nígbà tí mo wà ní ẹ̀ka ìṣúná òtẹ́ẹ̀lì kan, mo kọ lẹ́tà gbígbóná sí ilé-iṣẹ́ kan, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn pátápátá. Àṣé ẹni tí a fi ìwé owó náà ránṣẹ́ sí ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn tó ń sanwó kò fojú kan ìwé wa rí, a ò sì kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ ìrajà wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹ́lípíò, sórí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá kì í san owó tí kò ní nọ́ńbà yẹn. Àwa la padà tọrọ àforíjì, owó náà sì tún lo ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn.

Láti ìgbà náà, n kì í kọ lẹ́tà kankan kí n tó yẹ ilé ara wa wò. Ṣé nọ́ńbà ẹ́lípíò wà lórí ìwé owó, ṣé ó sì bá tiwọn mu? Ṣé àlejò kọ̀ọ̀kan buwọ́ lu ìwé ìnáwó rẹ̀? Ṣé a ní ẹ̀rí pé ìwé dé ọwọ́ ẹni tó ń sanwó, òǹtẹ̀ wọn tàbí èsì ímeèlì? Ṣé owó náà kò ti wọ báǹkì lábẹ́ orúkọ mìíràn? Bí owó tó wọlé bá dín díẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ owó orí tí òfin ní kí ẹni tó ń sanwó yọ. Ìwé ẹ̀rí owó orí yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí ẹ tó pe ìyókù ní gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ilé-iṣẹ́ kan kó òṣìṣẹ́ mẹ́jọ wá fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù kejì. Yàrá mẹ́jọ, òru mẹ́rin, ₦45,000 lóru kan, pẹ̀lú oúnjẹ àti owó orí nínú rẹ̀, jẹ́ ₦1,440,000. Gbọ̀ngàn ìpàdé fún ọjọ́ mẹ́ta, ₦120,000 lójúmọ́, jẹ́ ₦360,000. Àwọn méjì mu ọtí, wọ́n sì fọ aṣọ, ₦60,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,860,000. Ìwé owó dé ọ̀dọ̀ wọn ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ọgbọ̀n ọjọ́ sì pé ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin. Owó kò wọlé. Ní ọjọ́ 4, lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa ń fi kọ irú rẹ̀ láàárín ilé-iṣẹ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni mo fi kọ ọ́ síbí kí ìwúwo gbólóhùn kọ̀ọ̀kan lè hàn:

“A kí yín, a sì dúpẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa lẹ kó àwọn òṣìṣẹ́ yín sí ní oṣù kejì. Ìwé owó nọ́ńbà 214, ₦1,860,000, tí ẹ gbà ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta, ti pé sísan ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin. A kò tíì rí owó náà nínú àkáǹtì wa. Ẹ̀dà rẹ̀ àti ìwé tí àwọn àlejò yín buwọ́ lù wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wa, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin. Bí ẹ bá ti san án, ẹ fi ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ kí a lè wá a. Bí ohun kan bá ń dá a dúró, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ kí ọjọ́ náà tó pé.”

“A kò tíì rí owó náà” jẹ́ òótọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè jà sí. “Ẹ kọ̀, ẹ ò sanwó” jẹ́ ẹ̀sùn, ẹni tí a bá sì fẹ̀sùn kàn á kọ́kọ́ gbèjà ara rẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rí ìsanwó ń jẹ́ kí ẹni tó ti san gbàgbé ìbínú, kò sì ṣí ilẹ̀kùn àwáwí fún ẹni tí kò san. Ibi tí lẹ́tà ti le ni ọjọ́ 11 yẹn. Bí ẹ bá kọ “láìpẹ́” tàbí “nígbà tó bá rọ̀ yín lọ́rùn,” kò sí ọjọ́ tí ẹ lè sọ pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́. Àwa Yorùbá sì máa ń fẹ́ fi “ẹ dákun, ẹ má bínú” lẹ́ẹ̀mẹta kún un. “Ẹ jọ̀wọ́” kan ti tó. Ẹni tó ń béèrè owó iṣẹ́ tó ti ṣe kò ṣẹ̀.

Ẹ má sì yí nọ́ńbà àkáǹtì padà nínú lẹ́tà báyìí. Àwọn gbájú-ẹ̀ máa ń fi ímeèlì tó jọ ti òtẹ́ẹ̀lì béèrè gbèsè, wọ́n á wá fi àkáǹtì tiwọn síbẹ̀. Àkáǹtì tó wà nínú àdéhùn ni kí ẹ tọ́ka sí.

Ọjọ́ 11 kọjá láìsí èsì. Ó di orí fóònù, Yorùbá ló sì sábà máa ń jẹ́ níbẹ̀. “Ẹ káàárọ̀ mà. Láti òtẹ́ẹ̀lì ni, lórí ìwé owó nọ́ńbà 214. Ṣé ó ti dé ọ̀dọ̀ yín?” Obìnrin náà ní ó ti dé, ṣùgbọ́n ọ̀gá kò tíì buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúpẹ́ níbí, tí wọ́n á sì gbé fóònù sílẹ̀. Ìbéèrè tó kàn ló níye lórí: “Ọjọ́ wo lẹ máa ń sanwó mà? Kí ló sì yẹ kó wà nínú ìwé wa kí ó lè bọ́ sínú ti ọ̀sẹ̀ yìí?” Ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ní ọjọ́ kan pàtó tí wọ́n ń sanwó, ìwé tí kò bá bá ọjọ́ náà á dúró de òmíràn. Ìbéèrè yìí ló mú òótọ́ jáde: àdéhùn wọn kò ká ọtí àti aṣọ fífọ̀ mọ́ ọn, nítorí ₦60,000 yẹn ni wọ́n ṣe dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Nítorí náà, lẹ́tà kejì, ti ọjọ́ 16, pín owó náà sí méjì: “A dúpẹ́ fún àlàyé yín lórí fóònù. A ń yẹ ₦60,000 tí ẹ ń ṣiyèméjì sí wò, ẹ ó sì gbọ́ èsì wa láàárín ọjọ́ márùn-ún. ₦1,800,000 tó kù kò ní àríyànjiyàn nínú, ó sì ti kọjá ọjọ́ sísan fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ san èyí, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin.” Kò sí ìdí tí ọ̀rọ̀ owó ọtí fi gbọdọ̀ di owó yàrá lọ́wọ́.

Bí ọjọ́ 25 bá tún kọjá, lẹ́tà kẹta kì í lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé owó mọ́. Ẹni tó buwọ́ lu àdéhùn ni a ń kọ ọ́ sí, ọ̀gá àgbà òtẹ́ẹ̀lì ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èyí jáde ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún, ó kúrú: “A ti kọ̀wé sí yín ní ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 16 oṣù kẹrin lórí ₦1,800,000. Bí kò bá dé títí di ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, a óò dá àwìn dúró láti ọjọ́ 13. Àwọn àlejò yín á máa sanwó kí wọ́n tó wọ yàrá. Àwọn tó bá ti wà lọ́dọ̀ wa ṣáájú ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ san án díẹ̀díẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ sí wa kí ọjọ́ 12 tó pé.”

Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹ óò ṣe. Ẹ má kọ èlé tí kò sí nínú àdéhùn. Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n pẹ̀lú ọlọ́pàá: òfin iṣẹ́ ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí pé ó yẹ àdéhùn. Bí ó bá di dandan, ìpínlẹ̀ Èkó ní ilé-ẹjọ́ fún gbèsè kékeré láti 2018, tí ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju ₦5,000,000 lọ, lẹ́tà ìbéèrè owó sì ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ibi ìgbàlejò sọ gbèsè ilé-iṣẹ́ létí àlejò tó gbé báàgì lọ́wọ́. Kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, kò sì ní gbàgbé bí ojú ṣe tì í.

Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún, ₦1,800,000 wọlé. Nígbà tí wọ́n yẹ àdéhùn wò, yàrá, oúnjẹ àti gbọ̀ngàn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló yẹ kó gba ₦60,000 lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kí wọ́n tó lọ, kò sì gbà á. Lọ́jọ́ náà gan-an, risíìtì jáde pẹ̀lú ìwé kúkúrú kan: “A ti gba ₦1,800,000, a dúpẹ́. A ti yọ ₦60,000 kúrò lọ́rùn yín, nítorí àdéhùn kò ká a. Ẹ má bínú sí àṣìṣe wa. Ìwé owó nọ́ńbà 214 ti parí. Àwọn yàrá tí ẹ béèrè fún ọjọ́ 19 wà nílẹ̀ fún yín.”